Kẹ́ẹ̀gì Ọ́ìlì Inú Fótò: Ìwé Ara Rẹ̀ Lè Jẹ́ Òtítọ́, Kí Ohun Inú Rẹ̀ Jẹ́ Irọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ ọdún. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Kí ìyá kankan má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni èyí, kó wá ṣí ojú ewé náà kọjá. Ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ, àwọn obìnrin tó ni ọkọ̀ kò kéré. Ìyá kan ní kọrópe tó ń ná Ifọ sí Sango, òmíràn ní dáńfó tó ń kó èrò láti Mowe lọ sí Bájà, ẹlòmíràn ra ọ̀kadà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó máa jíṣẹ́ owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní ọkọ̀, ó ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé.

Àwọn oní-nǹkan wọ̀nyí kì í sábà lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn. Mẹkáníìkì tàbí awakọ̀ ni wọ́n máa ń rán. Òun náà yóò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò ya kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì ní fótò, yóò fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, yóò sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá, èyí ni wọ́n ní o. Ṣé kí n gbé e?" Ìyá yóò wo fótò náà, yóò rí i pé kẹ́ẹ̀gì mọ́ tónítóní, yóò rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, yóò sì fi owó ránṣẹ́. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi fótò náà, ẹ má sì ṣe da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Èkínní ni pé: irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì yìí, ṣé òun ni ẹ́ńjìnnì mi ń fẹ́? Ìwé ara kẹ́ẹ̀gì ni yóò dáhùn èyí. Èkejì ni pé: ṣé ohun tí ilé iṣẹ́ náà rọ sínú kẹ́ẹ̀gì yìí ló ṣì wà níbẹ̀? Ìwé ara kẹ́ẹ̀gì kò lè dáhùn èyí rárá. Ìdí ni pé àwọn tó ń rọ ayédèrú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kẹ́ẹ̀gì tuntun mọ́, kẹ́ẹ̀gì tòótọ́ tí a ti lò tí a sì sọ nù ni wọ́n ń ṣà jọ. Ìwé tòótọ́ ló wà lára rẹ̀, àmì tòótọ́ ló wà lára rẹ̀, títí kan àmì SON, àjọ tó ń ṣọ́ òdiwọ̀n ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ìdí rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ló ń tú wọn fó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ìwé náà. Níwájú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó rí nǹkan bí èyí: SAE 20W-50, tàbí SAE 5W-30, tàbí SAE 40 lásán. SAE ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1911 ni wọ́n sì ti ń to ọ́ìlì sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ki sí. Nọ́ńbà náà kò sọ pé ọ́ìlì kan dára ju èkejì lọ. Kíki nìkan ló ń sọ. Ẹ wo ẹ̀kọ mímu: nígbà tó gbóná, ó ń ṣàn geere; nígbà tó tutù, ó ń dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó tutù, ọ̀kan fún ìgbà tó gbóná. Èyí tó wà lẹ́yìn ni ti ìgbà gbígbóná, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná tó omi tó ń hó. 30 fúyẹ́, 40 ki jù ú lọ, 50 tún ki ju 40 lọ. Èyí tó wà níwájú W ni ti ìgbà tútù. W náà ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tí òyìnbó ń pe àkókò òtútù wọn. Bí nọ́ńbà iwájú bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń tètè ṣàn nínú òtútù tó. Òtútù tí wọ́n fi ń dán an wò kò lè dé Ifọ láéláé, ọyẹ́ kankan kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìdájí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì 5W ṣì máa ń tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì ju 20W lọ.

Èwo ni kí a rà? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ń sọ ọ́. Bí ẹ bá ní Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà, SAE 5W-30 ni ìwé rẹ̀ ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. 20W-50 ni wọ́n ń rọ sí gbogbo ọkọ̀, àgbà àti ọmọdé. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan pátápátá: ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ́, tó ń mu ọ́ìlì, tó sì ń tú èéfín, máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí a bá fún un ní ọ́ìlì tó ki. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ṣì le, mo rò pé ìwé rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. A kì í fi oògùn arúgbó fún ọmọdé.

Ẹ wá yí kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ ní kí ó ya ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí API, ìyẹn àjọ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú lẹ́tà méjì. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ S, ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróòlù ló wà fún. Bí ó bá jẹ́ C, ti dísù ni. Lẹ́tà kejì ni ó ń sọ bí òdiwọ̀n náà ṣe jẹ́ tuntun sí: bí ó bá ṣe jìnnà sí A ni ó ṣe tuntun tó. SA ni àkọ́kọ́, kò sí oògùn ìfọ́ kankan nínú rẹ̀, API fúnra rẹ̀ sì sọ pé kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 1930. SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ èyí tí a ṣe lẹ́yìn 1988, SG kò yẹ fún èyí tí a ṣe lẹ́yìn 1993. SL ni ti ọkọ̀ ọdún 2004 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. SN jáde ní 2010, SP jáde ní 2020, SQ sì dé ní 2025. Tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́ fún ọkọ̀ bẹntiróòlù. Ti àtijọ́ kò lè rọ́pò tuntun. Nítorí náà bí fótò bá fi hàn yín pé SF ni ọ́ìlì kan, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ ti 2006, ojúlówó ni o, ayédèrú ni o, ẹ dá a padà. Kò bá a mu.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwé ara kẹ́ẹ̀gì máa ń sọ̀rọ̀ tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tí àwọn API ń to lẹ́tà wọn, wọ́n fo àwọn kan. Kò sí SI, kò sí SK, kò sì sí SO. Ẹni tó bá tẹ SK sára kẹ́ẹ̀gì, ó rò pé lẹ́tà lásán ni. Irú rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ pé kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì àṣàjọ, ìwé náà gan-an ni wọ́n dá sílẹ̀ látọwọ́ ara wọn. Ẹ fi ìka méjì fẹ fótò náà, kí ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyí máa ń ṣìkọ ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti máa ń ṣì í kọ, kì í ṣe níwájú.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́kadà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún yín kí a tó kọjá. Nínú ọ̀kadà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń fọ kíláàṣì. Ẹ wá JASO MA tàbí MA2 lára kẹ́ẹ̀gì. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n kọ Resource Conserving sí nísàlẹ̀ òrùka àmì API lè mú kí kíláàṣì ọ̀kadà máa yọ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ ní ti kíkà. Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí owó ti ń sọ nù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ ọ́ìlì, nǹkan méjì ló kù nílẹ̀ ní ọgbà iṣẹ́ rẹ̀: ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́mù, àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Àwọn kan ń ra kọ́ńdẹ́mù ní jálá-jálá. Lóòótọ́, iṣẹ́ rere wà tí a ń fi í ṣe, àwọn káfíńtà máa ń fi í kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń fi ásíìdì àti amọ̀ fà á kí àwọ̀ rẹ̀ lè mọ́, wọ́n sì ń da ọ́ìlì tí kò ní èròjà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan kọ́ńdẹ́mù, ọ́ìlì ìpìlẹ̀ lásán ni wọ́n ń rọ, èyí tó mọ́ lójú bí oyin ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn tó ń fọ ìdọ̀tí, tí kò sì ní èyí tó ń dá irin lójú kó má jẹ ara wọn. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Wọ́n á wá ìdérí, wọ́n á lẹ bébà onífàdákà sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á nù ún, ó di ọjà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbé fótò kan yẹ̀ wò. Èmi ni mo máa ń ra ọ́ìlì sí jẹnẹrétọ̀ mọ́ṣáláṣí wa, ìdí nìyí tí àwọn ará fi máa ń fi irú fótò bẹ́ẹ̀ hàn mí. Àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Ibafo, tó ní Corolla ọdún 2006, ni mẹkáníìkì rẹ̀ fi fótò kẹ́ẹ̀gì lítà 4 ránṣẹ́ sí láti ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Alùfáà, ẹ bá mi wò ó. Ó ní ojúlówó ni, ó sì dín owó."

Iwájú rẹ̀ ni mẹkáníìkì yà. SAE 5W-30, API SN. Ti kíka ìwé, kò sí àríwísí: ohun tí Corolla náà ń fẹ́ gan-an ni, SN sì ju èyí tí ìgbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà ń bèèrè lọ. Ìwé náà kò ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, títẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ọ̀rọ̀ tí a ṣìkọ. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni a dúró sí ni, Àlájà ìbá ti sanwó. Mo wí fún wọn pé, "Àlájà, ẹ ní kó ya mẹ́ta sí i: ẹnu kẹ́ẹ̀gì láti ẹ̀gbẹ́, kó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án, ìdí kẹ́ẹ̀gì, kó dojú rẹ̀ délẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára páálí tí wọ́n ti mú un jáde. Kó má ṣe sún fóònù mọ́ ọn jù, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n."

Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni a kọ́kọ́ wò. Nísàlẹ̀ ìdérí kẹ́ẹ̀gì tuntun, òrùka ike kan wà tí àwọn eyín tín-ín-rín so mọ́ ìdérí náà yípo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí i, àwọn eyín yẹn yóò ṣẹ́, òrùka yóò kù sí ọrùn kẹ́ẹ̀gì, ìdérí yóò sì jáde. Kò sí bí a ṣe lè dá a padà bí ó ti wà. Nínú fótò Àlájà, òrùka náà so mọ́ ìdérí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ibì kan ṣoṣo, ó ń dán bí ẹni pé omi kán sí i, eyín mẹ́ta sì wọ inú ara wọn níbẹ̀. Gúlùù ni. Ilé iṣẹ́ kì í fi gúlùù so òrùka. Bákan náà, bí òrùka bá jìnnà sí ìdérí, tí àlàfo wà láàárín wọn tí èékánná lè wọ̀, ẹnì kan ti ṣí i rí.

Fótò kejì, ìdí kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ènìyàn kì í wo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà kì í rántí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì oníke, ẹ̀rọ tó dà á máa ń tẹ àmì roboto kan sí ìdí rẹ̀, ó dà bí ojú aago kékeré. Nọ́ńbà 1 sí 12 ló yí i ká, ìyẹn oṣù. Ọfà kan ń tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ńbà méjì tó wà láàárín ni ọdún. Ọjọ́ ìbí kẹ́ẹ̀gì náà fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ọ́ìlì inú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè pa á rẹ́ láìjẹ́ pé a fá ike náà. Nínú fótò Àlájà, 21 ló wà láàárín, ọfà sì ń tọ́ka sí 4. Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n da kẹ́ẹ̀gì náà.

Fótò kẹta wá sọ pé oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n rọ ọ́ìlì sí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́ta àti oṣù méje ni kẹ́ẹ̀gì òfìfo fi dúró kí wọ́n tó rọ ọ̀kan sí i! Ilé iṣẹ́ wo ló ń tọ́jú òfìfo tó bẹ́ẹ̀? Kẹ́ẹ̀gì ń gba àyè púpọ̀. Wọ́n ń dà á, wọ́n sì ń rọ ọ́ láìpẹ́ sí àkókò náà. Síbẹ̀ mo lọ́ra láti dájọ́ lórí èyí nìkan, nítorí pé ẹ̀rọ kan lè wà tí wọ́n gbàgbé láti yí ọdún rẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì dojú àwọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó kù nínú páálí náà délẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti 2019, ọ̀kan jẹ́ ti 2022, ọ̀kan kò ní àmì kankan rárá. Ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ìlì tó wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ọ̀kan náà! Ọmọ ìyá kan kò lè jọ jẹ́ ìbejì, kí ọjọ́ orí wọn máa fi ọdún mẹ́ta ju ara wọn lọ. Nọ́ńbà ara páálí náà kò sì bá ti ara kẹ́ẹ̀gì kankan mu. Wọ́n ṣà wọ́n jọ láti oríṣiríṣi ọgbà mẹkáníìkì ni.

Àlájà kò rà á. Wọ́n rán mẹkáníìkì lọ sí ilé epo tí ilé iṣẹ́ tó ni ọ́ìlì náà ń tà sí fúnra rẹ̀, ó gbówó lé e, ó ya fótò mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ẹ má sì ṣe tìtorí èyí pe mẹkáníìkì yẹn ní olè. Òun ló fi sùúrù dojú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin délẹ̀ nínú oòrùn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pàápàá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbé e wá bá a ní ìdajì owó ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára fótò mọ. Fótò lè sọ fún yín pé kẹ́ẹ̀gì kan kò pé. Kò lè búra fún yín pé ọ́ìlì inú èkejì dára. Àwọn kan ń ra ìdérí tuntun tó ní òrùka tó péye. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ọjọ́ sára ike. Kì í sì í ṣe gbogbo kẹ́ẹ̀gì ló ní aago nídìí. Nítorí náà, bí kẹ́ẹ̀gì bá dé ọwọ́, kí ẹ tó rọ ọ́, ẹ ṣí i pẹ̀lẹ́. Bébà onífàdákà tó wà lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá ní in, ooru ni ilé iṣẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kẹ́ẹ̀gì yípo. Ó máa ń le láti ṣí, ó sì máa ń fi ipa kan náà sílẹ̀ yíká. Èyí tó bá ká jọ, tó jó ní ibì kan, tàbí tó kàn yọ wẹ́ẹ́ láìjà, ẹ fura sí i. Ẹ fọn ọ́n sí imú. Bí ó bá ń rùn bíi kẹrosíìnì, bíi dísù tàbí bí ohun tó jó, ẹ dì í padà.

Ìwọ̀n náà ń ṣèrànwọ́, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní òṣùwọ̀n. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ: lítà 4 rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ, kí a tó fi ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì kún un. Èyí yóò mú ẹni tó dín in kù tàbí tó bu omi sí i, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹni tó rọ kọ́ńdẹ́mù tí a fọ̀. Ẹ sì lè kán ọ̀kan sórí bébà funfun kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí àárín rẹ̀ bá dúdú, ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì ti wà nínú rẹ̀ rí. Bí ó bá mọ́, kò tíì di ẹ̀rí, nítorí pé ọ́ìlì ìpìlẹ̀ tí kò ní oògùn rárá náà máa ń mọ́. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ òtítọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Ọ́ìlì tí mo rà dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ayédèrú ni." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó dára máa ń dúdú nítorí pé ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára ẹ́ńjìnnì tó sì ń gbé e kiri, bí omi ìfọṣọ ṣe ń dúdú bí aṣọ ṣe ń mọ́. Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa bi awakọ̀ yín ni pé: nígbà tí ẹ wà nínú gósílóò ní Mowe, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí ọkọ̀ dúró, ṣé iná pupa tó ní àwòrán ìkòkò ọ́ìlì kò máa ń ṣẹ́jú? Ṣé orí ẹ́ńjìnnì kò máa ń dún ṣá-ṣá-ṣá bí ẹni ń ta ọsàn sórí páànù? Ọ́ìlì tí kò lè ki mọ́ nígbà tó gbóná kò lè gbé irin dúró kúrò lára irin. Bí iná yẹn bá tàn, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe sọ pé òun yóò kàn rọra wà á dé Ibafo. Láàárín Mowe sí Ibafo, ẹ́ńjìnnì lè nọ́ọ̀kì.

Ẹni tó bá já irú páálí bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, kó má ṣe da ọ́ìlì náà nù, kó má sì bá wọn jà. Kó tọ́jú kẹ́ẹ̀gì, ìdérí rẹ̀, rìsíìtì àti àwọn fótò náà, kí ó kó wọn lọ sí ọ́fíìsì SON ní ìpínlẹ̀ yìí, tàbí kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ tó wà lára kẹ́ẹ̀gì. Àwọn náà ni wọ́n ń ba orúkọ wọn jẹ́, àwọn ló sì mọ nọ́ńbà tí àwọn tẹ̀ àti èyí tí àwọn kò tẹ̀.

Nípa kẹ́ẹ̀gì òfìfo tiwa náà, àwọn tó ń ra ike kiri àdúgbò ń wá a gidigidi, pàápàá èyí tí ìwé ara rẹ̀ kò ya tí ìdérí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń san owó jù lórí irú ìyẹn, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mẹkáníìkì bá rọ ọ́ìlì yín tán, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀ níhò mẹ́ta, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìwé iwájú àti ti ẹ̀yìn já, ẹ gé òrùka ọrùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sọ ìdérí rẹ̀ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń ra ike lè máa gbé e lọ. Ẹ má ṣe bu epo pupa tàbí òróró sí i, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù, ọ́ìlì tiyín yàtọ̀ pátápátá sí gbogbo èyí, ìwé ara rẹ̀ sì ní lẹ́tà tirẹ̀. A ó mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, in ṣá Àlláhù.